Iná Tó Kù Sínú Dígí

Ìyàwó jókòó síwájú dígí nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan n'Íbàdàn. Gèlè ti wà lórí, iyùn ti wà lọ́rùn, ẹni tó ń kùn ún lójú ti kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ayàwòrán dúró lẹ́yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó tẹ kámẹ́rà, fọ́tò náà sì jáde bó ṣe fẹ́ ẹ: èjìká àti ẹ̀yìn gèlè ìyàwó níwájú, ojú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín nínú dígí. Ìgbà tí ayàwòrán délé, tó ṣí fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà, ló tó rí i. Iná ńlá tó gbé ka igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tó fi àpótí aláṣọ funfun bò kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè rọ̀, dúró gbagidi nínú dígí lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ìyàwó.

Kò sí ayàwòrán ìgbéyàwó tí irú èyí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á mú irinṣẹ́ tó ń pa nǹkan rẹ́ nínú Photoshop, wọ́n á fi ra iná náà, ìṣẹ́jú méjì ni, ó tán. Tí wọ́n bá wá tẹ fọ́tò náà tóbi tóbi láti gbé e kọ́ ògiri, ẹni tó bá ń wò ó á kàn máa wò ó ṣáá. Kò ní mọ ohun tó ń ṣe fọ́tò náà, àmọ́ á mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Kọ́tìnì inú dígí ti ní ibi tó wé mọ́ra láìnídìí. Òjìji igi kan sùn sórí ibùsùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí igi.

Ìdí tí iṣẹ́ yìí fi le ju pípa nǹkan rẹ́ lára ògiri lásán lọ ni pé dígí kì í dá sọ̀rọ̀. Ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀ ní ẹlẹ́rìí níta. Ẹ̀rí méjèèjì sì wà nínú fọ́tò kan ṣoṣo, lójú ẹni tó ń wò ó.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ayàwòrán ti ń bá ẹ̀rí méjì yìí jìjàkadì. Ní ọdún 1434, Jan van Eyck ya ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n dúró nínú yàrá, nínú àwòrán tí wọ́n ń pè ní àwòrán Arnolfini. Ilé àwòrán National Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà lónìí. Dígí roboto kan wà lára ògiri lẹ́yìn wọn. Fèrèsé wà nínú dígí náà, ẹ̀yìn àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, àní èèyàn méjì tó ń wọlé bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà pàápàá wà níbẹ̀, nínú dígí tí kò tóbi ju ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ bò lọ. Ṣùgbọ́n ajá kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ àwọn tọkọtaya náà níwájú, onírun gígùn, tó dájú bí ajá tòótọ́. Ẹ wá ajá náà nínú dígí, ẹ kò ní rí i. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí wo ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà, wọn kò bá ajá náà nínú ìlà àkọ́kọ́ tí ayàwòrán fà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kun ún. Ìgbẹ̀yìn ló dé sínú yàrá, kò sì dé inú dígí rárá. Àṣìṣe kan náà ni ti ayàwòrán Ìbàdàn wa, àfi pé ẹ̀yìn ló kọ síwájú: van Eyck fi nǹkan kún yàrá láì fi kún dígí, òun fẹ́ yọ nǹkan kúrò nínú dígí láì bi yàrá léèrè.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kó bi ara rẹ̀ kò kan kọ̀ǹpútà. Ṣé ohun tí mo fẹ́ yọ tún hàn níbòmíràn nínú fọ́tò yìí? Bí iná náà bá hàn nínú yàrá, tó tún hàn nínú dígí, kí ó yọ méjèèjì, tàbí kó fi méjèèjì sílẹ̀. Orí ló bá a ṣe é, ìta ibi tí kámẹ́rà ń wò ni iná náà wà, inú dígí nìkan ló ti yọjú. Ó ṣeé yọ.

Ìbéèrè kejì ni pé: kí ló wà lẹ́yìn iná náà?

Ibí ni iṣẹ́ gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti ronú nípa dígí ni kí èèyàn gbàgbé pé dígí ni. Kó gbà pé fèrèsé ni, pé yàrá mìíràn wà lódìkejì rẹ̀ tó dà bí ti ìhín ní gbogbo ọ̀nà, àyàfi pé a yí i padà. Ohun tó bá jìnnà sí dígí ní mítà 2 níhìn-ín jìnnà sí i ní mítà 2 lọ́hùn-ún. Ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì yẹn, ká sọ pé ìyàwó jókòó ní mítà 1 sí dígí, kámẹ́rà àti iná wà ní mítà 2, ògiri ẹ̀yìn tí fèrèsé àti kọ́tìnì wà sì wà ní mítà 4. Lójú kámẹ́rà, ojú ìyàwó tó wà nínú dígí kò sí ní mítà 2 níbi tí dígí wà. Mítà 3 ló wà: 2 dé dígí, 1 kọjá rẹ̀. Iná wà ní mítà 4, kọ́tìnì ní mítà 6. Ẹni tó bá ti darí kámẹ́rà sí fírémù dígí, tó wá rí i pé ojú ìyàwó ṣú bàìbàì, ti mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ọ.

Láti inú yàrá kejì yẹn ni a ti ń wo kọ́tìnì. Kì í ṣe ibi tí ayàwòrán dúró ni dígí ti ń wo ògiri ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn dígí ló ti ń wò ó, bí ẹni pé kámẹ́rà kejì wà nínú ògiri ní mítà 2 lódìkejì. Èèyàn kò lè wọnú ògiri lọ ya fọ́tò. Ìdí nìyẹn tí kò fi tó kí ayàwòrán kàn yíjú padà, kó ya kọ́tìnì níbi tó dúró sí, kó sì wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú dígí. Igun tí yóò ti rí i kì í ṣe igun tí dígí ti rí i.

Ọ̀nà kan wà tó ju gbogbo ọ̀nà lọ, kò sì ná ẹni tó bá rántí ní nǹkan kan. Kí kámẹ́rà dúró lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ayàwòrán ya ìyàwó bó ṣe fẹ́, lẹ́yìn náà kó gbé iná kúrò níbi tó hàn nínú dígí, kó sì tún ya ẹ̀ẹ̀kan sí i láì fọwọ́ kan kámẹ́rà tàbí yí bọ́tìnnì kankan padà. Fọ́tò kejì yẹn ti gba kọ́tìnì sílẹ̀ bí dígí ṣe rí i gan-an, pẹ̀lú igun rẹ̀, pẹ̀lú ṣíṣú rẹ̀, pẹ̀lú eruku tó wà lára dígí pàápàá. Nínú kọ̀ǹpútà, á gbé fọ́tò kejì sábẹ́ ti àkọ́kọ́, á sì lu ihò síbi tí iná wà nìkan kí ti abẹ́ lè yọjú. Ìyàwó ti lè mira nínú fọ́tò kejì, ó ti lè dìde lọ mumi, kò kan ẹnikẹ́ni, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti dí ibi tí a nílò.

Ewu kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé iná tí a gbé kúrò ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí yàrá. Bí wọ́n bá gbé e jìnnà tàbí tí wọ́n pa á, kọ́tìnì á ṣókùnkùn ju ti fọ́tò àkọ́kọ́ lọ, etí ihò tí a lù á sì hàn bí àbùlẹ̀ ara ẹ̀wù. Nítorí náà, kí a sún un díẹ̀ ni, kì í ṣe kí a gbé e jáde: ìwọ̀nba tó fi máa ṣí ibi tó ti bò tẹ́lẹ̀. Kò burú bó bá tún bo ibòmíràn nínú fọ́tò kejì, torí fọ́tò àkọ́kọ́ ti ní ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàwó ti lọ ṣọ́ọ̀ṣì, yàrá ti di ti ẹlòmíràn, ayàwòrán kò sì ya fọ́tò kejì. Kí ló kù?

Ó ku àwọn fọ́tò yòókù tó yà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bó ti ń rìn síwá sẹ́yìn, iná inú dígí náà ń sún lójú kọ́tìnì, nítorí pé iná sún mọ́ ọn ju kọ́tìnì lọ. Èyí ṣeé ṣírò. Ní mítà 4 sí iná àti mítà 6 sí kọ́tìnì, bí kámẹ́rà bá sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 10, ibi tí iná bò lára kọ́tìnì á sún ní sẹ̀ǹtímítà 5. Igi tó gbé iná dúró, tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 3, bo nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 àti ààbọ̀ lára kọ́tìnì. Ìyẹn ni pé bí ayàwòrán bá ti mira ní sẹ̀ǹtímítà 9 péré láàárín fọ́tò méjì, fọ́tò kejì ti ní ohun tó wà lẹ́yìn igi náà. Kódà kó jẹ́ pé ṣe ló gbé ìwúwo ara rẹ̀ láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì, ó lè tó.

Àpótí aláṣọ funfun tó wà lórí igi náà ni wàhálà. Bó bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó bo 90 lára kọ́tìnì, kámẹ́rà sì ní láti sún tó nǹkan bíi mítà 1.8 kí gbogbo ibi tó bò tó ṣí. Ẹni tó bá sún tó bẹ́ẹ̀ ti ń wo kọ́tìnì láti igun mìíràn. Ìṣẹ́po kọ́tìnì tó kọjú sí i tẹ́lẹ̀ ti kẹ̀yìn sí i. `Edit > Auto-Align Layers` lè to ògiri pẹlẹbẹ méjì bára mu dáadáa, àmọ́ kò lè tún ìṣẹ́po ṣẹ́. Ohun tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ògiri, ilẹ̀kùn, fírémù àwòrán, ṣeé mú láti igun kan lọ sí òmíràn. Ohun tó bá ní jíjìn nínú, bí àga, ibùsùn, ìṣẹ́po aṣọ, kò ṣeé fẹ̀tàn mú.

Nítorí náà ọ̀nà kẹta ló kù fún àpótí: kí ó mú kọ́tìnì láti ara kọ́tìnì. Inú dígí kan náà ni kó ti mú un, lápá ibi tí iná kò bò, nítorí kọ́tìnì ibẹ̀ ti gba ohun gbogbo tí dígí ń ṣe sí nǹkan. Tí kò bá sí èyí tó tó, tó wá jẹ́ pé fọ́tò kọ́tìnì tó yà lójúkorojú ló ní, iṣẹ́ mẹ́rin ni á ṣe lára rẹ̀. Á fi `Edit > Transform > Flip Horizontal` yí i padà, torí pé òdì ni dígí ń fi nǹkan hàn. Bí ó bá gbàgbé èyí, òdòdó ara kọ́tìnì á kọjú sápá òsì nínú dígí níbi kan, á kọjú sápá ọ̀tún níbi kejì. Bí kàlẹ́ńdà bá sì wà lára ògiri, ẹ̀ṣẹ̀ náà á hàn sí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ABD. Lẹ́yìn náà, á fi `Distort` fa igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ títí ìlà òkè àti ti ìsàlẹ̀ á fi bá ìlà àjà àti ilẹ̀ inú dígí lọ. Ẹ̀kẹta ni `Gaussian Blur`: ojú ìyàwó ní mítà 3 ni kámẹ́rà dojú kọ, kọ́tìnì wà ní mítà 6, bàìbàì ló gbọ́dọ̀ wà, bíi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni àwọ̀, òun ni ọ̀pọ̀ kì í rántí. Dígí kì í dá gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó gbà padà, nítorí náà inú dígí máa ń ṣókùnkùn ju yàrá lọ díẹ̀. Dígí ilé tún ń fi àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ kún nǹkan. Ẹni tó bá ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí dígí wà níwájú àti lẹ́yìn ti rí i: orí rẹ̀ ń tò lọ láìlópin, bó sì ti ń jìnnà ló ń ṣókùnkùn sí i, tó ń di aláwọ̀ ewé sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ni dígí òtẹ́ẹ̀lì wa fi àwọ̀ náà kún kọ́tìnì. Kékeré ni, ṣùgbọ́n kọ́tìnì funfun tí kò ní in rárá máa dán yàtọ̀ láàárín àwọn tó ní in.

Ní ti `Content-Aware Fill`, tó ń fi ohun tó wà ní àyíká kún ibi tí a yọ, ó wúlò fún igi tín-ín-rín tó wà lójú ògiri lásán. Kò mọ̀ pé dígí ni òun ń kùn. Bí gèlè ìyàwó bá wà nítòsí, ó lè mú etí gèlè ṣe kọ́tìnì. Bí ó bá sì gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá etí fírémù dígí, á mú ohun tó wà lára ògiri ìta wọnú dígí. Kí ayàwòrán kọ́kọ́ fi ìlà yí inú dígí ká, kó sì pàṣẹ pé inú ìlà náà nìkan ni kí ó ti mú nǹkan.

Kọ́tìnì ti pé. Iṣẹ́ kò tíì parí, nítorí iná náà fi àmì sílẹ̀ kó tó lọ. Àmì àkọ́kọ́ ni òjìji igi rẹ̀ tó sùn lórí aṣọ ibùsùn funfun nínú dígí, torí pé ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé láti ojú fèrèsé. Òjìji tí kò ní ẹni ni ohun tó ń kó àwọn ayàwòrán sí wàhálà jù, torí pé kò sí lára ohun tí wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń yọ nǹkan. Ó gbọ́dọ̀ lọ, kí aṣọ ibùsùn sì padà funfun bí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe funfun jù.

Àmì kejì ni ìmọ́lẹ̀ tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì ìyàwó. Iná yẹn ló tan án. A ti yọ iná, ṣé ká yọ ìmọ́lẹ̀ náà ni? Kò ṣeé ṣe, òun ló sọ fọ́tò náà di fọ́tò. Ibí ni ibi tí ayàwòrán ti fi kọ́tìnì fèrèsé rọ́pò iná wá di oore. Ẹni tó ń wò ó á rí i pé apá òsì ni ìmọ́lẹ̀ ti wá, á wo apá òsì nínú dígí, á sì bá fèrèsé níbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ká ní ògiri tí kò ní fèrèsé ló wà níbẹ̀ ni, ojú á máa wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti yọ, kò sì ní rí i. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ó sàn kí ayàwòrán fi iná náà sílẹ̀, kó sì gé etí fọ́tò tí ó bá ṣeé gé.

Àwọn onísinimá ti mọ̀ tipẹ́ pé yíyọ nǹkan nínú dígí le. Nígbà tí James Cameron ń ya fíìmù Terminator 2 tó jáde ní 1991, ìran kan wà tí obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ abẹ lórí ẹ̀rọ tó dà bí èèyàn níwájú dígí, kámẹ́rà sì wà lẹ́yìn wọn gan-an níbi tí dígí ì bá ti fi hàn. Wọn kò yọ kámẹ́rà kankan. Wọ́n yọ dígí. Ihò lásán ni wọ́n gbẹ́ sí ògiri, wọ́n kọ́ yàrá kejì sódìkejì rẹ̀. Linda Hamilton wà lápá kan, ìbejì rẹ̀ Leslie wà lápá kejì, wọ́n jọ ń gbé ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ère tó jọ Arnold Schwarzenegger ló kẹ̀yìn sí kámẹ́rà, òun fúnra rẹ̀ jókòó sínú yàrá kejì, ó kọjú sí wa. Ìran náà kò sí nínú èyí tó kọ́kọ́ jáde ní sinimá. Ìgbà tí wọ́n gbé ẹ̀dà tó gùn jù jáde ni àwọn èèyàn tó rí i.

Ó ku bí a ṣe lè yẹ iṣẹ́ náà wò. Ní 2012, James O'Brien àti Hany Farid, onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan jáde tí ẹnikẹ́ni tó ní rúlà lè lò. Tẹ fọ́tò náà sórí ìwé. Mú ṣóńṣó gèlè ìyàwó tó wà níwájú, fa ìlà lọ sí ṣóńṣó gèlè kan náà nínú dígí. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún yẹtí rẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìdérí ìgò lọ́fínńdà tó wà lórí tábìlì. Nínú yàrá tòótọ́, gbogbo ìlà yìí lọ tààrà sí ojú dígí, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí irin ojú-ọ̀nà rélùwéè. Bí irin ojú-ọ̀nà rélùwéè ṣe ń pàdé lọ́ọ̀ọ́kán nínú fọ́tò, ni gbogbo ìlà náà gbọ́dọ̀ pàdé lójú kan ṣoṣo bí a bá fà wọ́n gùn. Èyí tí kò bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹnì kan ti sún un tàbí kó o wá láti ibòmíràn. Dígí pẹlẹbẹ nìkan ni ó wà fún. Dígí roboto bíi ti van Eyck, tàbí ti ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, kò tẹ̀ lé e.

Ìlà kò lè mú ohun tí wọ́n ti yọ, nítorí ohun tí kò sí kò ní ìlà. Ó dára kí a mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ohun tó ń mú irú iṣẹ́ ayàwòrán Ìbàdàn wa ni ojú tó lè fara balẹ̀ wá gbogbo nǹkan tó ń dán nínú fọ́tò ọ̀hún: ojú tẹlifíṣọ̀n tó wà ní pípa, gíláàsì omi, ṣíbí, ìlẹ̀kẹ̀, ẹyinjú ìyàwó.

Nítorí náà, ó fẹ fọ́tò náà di ńlá lórí kọ̀ǹpútà, ó ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ láti igun kan dé èkejì. Tẹlifíṣọ̀n kò sí. Ẹyinjú ní kínní funfun onígun mẹ́rin kan. Ó fi í sílẹ̀, fèrèsé pẹ̀lú onígun mẹ́rin ni. Nígbà tó dé orí tábìlì, ó dúró. Lára ìgò lọ́fínńdà, iná náà ṣì wà níbẹ̀, àpótí àti igi àti ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ó wo inú dígí níbi tí ẹ̀yìn ìgò kan náà ti hàn, ó tún bá òmíràn. Ó mú `Clone Stamp`, ó dín in kù títí ó fi tó orí abẹ́rẹ́, ó pa ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti igi rẹ́ lára ìgò tó wà níwájú, ó sì jẹ́ kí funfun òkè rẹ̀ kù, bí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ sórí èyí tó wà nínú dígí.